Kí o tó tẹ Rasterize: bí lẹ́tà, Smart Object àti àwòrán ṣe yàtọ̀ nínú Photoshop

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń bi mí jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Òkè-Fíà kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń mú lẹ́tà dán bíi wúrà. Àpótí kékeré kan tó máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà ni wọ́n máa ń bi mí sí. O kọ ọ̀rọ̀ sínú Photoshop, o fẹ́ fi fílítà, ohun tí Photoshop fi ń yí ìrísí àwòrán padà, sí i lára, àpótí náà á yọ, á ní lẹ́tà yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di nǹkan mìíràn kí fílítà tó lè ràn án. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà níbẹ̀: "Convert To Smart Object", "Rasterize" àti "Cancel". Ẹni tí ojú ń kán á tẹ èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, iṣẹ́ á sì máa lọ. Ọjọ́ tí oníbàárà bá padà wá pé kí wọ́n bá òun yí ọ̀rọ̀ kan padà ni yóò tó mọ ohun tó tẹ̀.

Àlàyé yìí kì í ṣe ti àwọn tó ń fi gíráfíìkì jẹun nìkan. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ wá náà, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó mọ ìdí tí àtúnṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fi ń gba ìṣẹ́jú méjì lọ́dọ̀ ẹnì kan, tó sì ń gba odidi ọ̀sán lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Òṣogbo ìlú aró ni wá, ẹ jẹ́ kí n fi aró sọ ọ́. Nígbà tí aládìrẹ bá ti fi okùn di aṣọ rẹ̀ tán, tí kò tíì rì í bọ aró, bí ìdì kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á tú u, á tún un dì. Ṣùgbọ́n bí aṣọ náà bá ti wọ ìkòkò aró, tó ti jáde, tó ti gbẹ, ohun tó bá wà lára rẹ̀ ti dúró síbẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà tó ṣì jẹ́ lẹ́tà ni aṣọ tí a dì tí a kò tíì rì. Rasterize ni ìkòkò aró.

Nígbà tí o bá fi Type Tool kọ "Ọdún Ọ̀ṣun", kì í ṣe àwòrán ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú. Ó ń rántí pé lẹ́tà báyìí báyìí ni, pé fọ́ọ̀ǹtì báyìí ni o fi kọ ọ́, pé bó ṣe tóbi tó nìyí. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ̀ ẹ́ tàbí tí o yí ọ̀rọ̀ padà, ó máa ń tún un yà láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí etí lẹ́tà kì í fi í di hùrùhùrù. Bí o bá wá tẹ Rasterize, kọ̀ǹpútà á ya lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní bó ṣe tóbi tó lọ́wọ́lọ́wọ́, á sì gbàgbé ìyókù. Ohun tó kù ni píksẹ́lì, àwọn ẹ̀kán àwọ̀ kéékèèké tí fọ́tò náà fi ń jẹ́ fọ́tò. Kò mọ̀ mọ́ pé Ọ nìyí. Lójú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí àwòrán ewúrẹ́.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn ọmọ iṣẹ́ jẹ níbí. Lẹ́yìn tí o bá ti tẹ Rasterize, léyà náà, ìpele tí lẹ́tà wà lórí rẹ̀, á ṣì máa jẹ́ orúkọ ọ̀rọ̀ tí o kọ. Wàá rí "Ọdún Ọ̀ṣun" nínú àkójọ léyà, wàá rò pé lẹ́tà ṣì ni. Má wo orúkọ. Wo àwòrán kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí T, lẹ́tà ni. Bí o bá rí àwòrán lẹ́tà náà fúnra rẹ̀, ó ti wọ aró. Bí o bá rí àmì kékeré kan bí ojú-ìwé ní igun àwòrán náà, Smart Object ni.

Smart Object dà bí àpótí onígíláàsì. O gbé ohun tí o ní sínú rẹ̀, o pa á dé, o ń rí i láti ìta. Bí o bá sún àpótí kéré, tí o yí i, tí o fi fílítà bò ó, ìta gíláàsì ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀; ohun tó wà nínú kò mọ nǹkan kan. Bí o bá sì fẹ́ tún ti inú ṣe, wàá ṣí i, wàá tún un ṣe, wàá pa á dé padà. Ọdún 2005, nínú Photoshop CS2, ni Smart Object wọlé. Fílítà tí a lè fi sórí rẹ̀ kí a sì tún yí i padà kò dé títí di CS3 ní 2007. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àṣà Rasterize fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa: àwọn tó kọ́ iṣẹ́ ṣáájú ìgbà náà kò ní ọ̀nà mìíràn, wọ́n sì fi bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ àwọn tó wá lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú iṣẹ́ kan, ká tẹ̀ lé e dé òpin.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan fẹ́ bánà tí wọn yóò so nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn, 4 ní gíga. Bí a bá ṣe é ní píksẹ́lì 72 sí íǹṣì kan, tí ọ̀pọ̀ bánà fúlẹ́ẹ̀sì tí a ń wò láti òkèèrè kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú iṣẹ́ á jẹ́ píksẹ́lì 6912 ní ìbú àti 3456 ní gíga. Àkọlé ńlá aláwọ̀ wúrà wà lókè, etí rẹ̀ ń ru bí omi odò. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ fún ọjọ́ àti aago ìpàdé wọn. Fọ́tò ìyálóde ẹgbẹ́ wà lápá ọ̀tún.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, gbogbo rẹ̀ ni mo sọ di píksẹ́lì. Màmá akọ̀wé ẹgbẹ́ náà wá wò ó, ó gbé jígí sójú, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ọmọ mi, àmì ìsàlẹ̀ ṣ dà? Ọ̀ṣun kọ́ lèyí o." Òótọ́ ni. Àmì náà ti bọ́ kí n tó tẹ Rasterize, n kò sì rí i. Mo gbìyànjú láti fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ sí i, ṣùgbọ́n wúrà rẹ̀ kò bá ti ìyókù mu, kò sì ru bí omi. Mo tún gbogbo àkọlé náà ṣe láti òdo lóru ọjọ́ náà. Undo kò lè gbà mí: ìgbésẹ̀ 50 ni Photoshop sábà máa ń rántí sẹ́yìn, bí o bá sì ti pa fáìlì dé, gbogbo rẹ̀ ti lọ.

Láti ìgbà náà, ìbéèrè tí mo máa ń bi ara mi kí n tó fọwọ́ kan léyà ni pé: kí ni Màmá akọ̀wé máa padà wá yí?

Ọjọ́ àti aago ìpàdé ni wọ́n máa ń yí jù. Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ dúró gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà títí iṣẹ́ fi máa wọ ẹ̀rọ. Àwọn tó ń sáré sọ ọ́ di àwòrán máa ń rò pé láìṣe bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe é ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òjìji, ìlà etí, wúrà, dídán, gbogbo ohun tó wà nínú Layer Style, bíi Drop Shadow, Stroke, Bevel & Emboss àti Gradient Overlay, ló ń ṣiṣẹ́ lórí lẹ́tà tó ṣì jẹ́ lẹ́tà. O lè yí i, o lè fẹ̀ ẹ́, o lè fi Warp Text tẹ̀ ẹ́ kọrọdọ. Bí o bá fẹ́ kí àwòrán àdìrẹ hàn nínú lẹ́tà, gbé fọ́tò àdìrẹ sórí léyà tó wà lókè lẹ́tà, kí o tẹ Alt+Ctrl+G. Fọ́tò náà á bọ́ sínú lẹ́tà, kò ní hàn níta rẹ̀. Bí o bá yí "Ọjọ́bọ̀" sí "Ọjọ́ Ẹtì", àdìrẹ náà á bá lẹ́tà tuntun lọ. Bó bá jẹ́ pé o fẹ́ kí apá kan lẹ́tà dà bí ohun tó ti ṣá, fi Layer Mask sí i, kí o fi dúdú kun orí másìkì náà. Lẹ́tà kò ní sọ nǹkan kan nù. Nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tí mo ti rí tí wọ́n ti sọ lẹ́tà di píksẹ́lì, mo lè sọ pé mẹ́jọ kò nílò rẹ̀.

Àkọlé ló le díẹ̀. A fẹ́ kí ó ru bí omi, fílítà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, fílítà kì í sì í gba lẹ́tà. Àpótí onígíláàsì wọlé nìyẹn. Tẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún máòsì lórí orúkọ léyà náà, yan Convert to Smart Object, lẹ́yìn náà lọ sí Filter > Distort > Ripple. Ká ní o fi 120 sí Amount. Màmá wò ó, ó ní òòyì ń kọ́ òun, omi náà ti pọ̀ jù. Nísàlẹ̀ léyà náà, wàá rí orúkọ Ripple. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, sọ ọ́ di 60, ó parí. Bó bá jẹ́ Rasterize ni, 120 ti wọ inú lẹ́tà náà, kò sì sí ẹni tó lè yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ibi tí wọ́n fi wúrà sí. Bí o bá ti fi Layer Style sí lẹ́tà kí o tó sọ ọ́ di Smart Object, wúrà àti òjìji náà á wọ inú àpótí pẹ̀lú lẹ́tà. Ripple á gbá òjìji náà pọ̀ mọ́ lẹ́tà, òjìji á máa gbọ̀n kiri bí ẹni tí òtútù ń mú. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí o sọ ọ́ di Smart Object ni o fi wúrà sí i, ìta àpótí ni wúrà wà. Á tẹ̀ lé etí lẹ́tà tó ti ń ru, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ á dán geere. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, ó sì tún rọrùn láti yí àwọ̀ rẹ̀ láìṣí àpótí. Nítorí náà: lẹ́tà lásán ni kí o fi sínú, kí ẹ̀ṣọ́ wà níta.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Màmá pè: "Ẹ̀yin ọmọdé yìí, ẹ kọ Ọdún Ọ̀ṣun, ẹ ò kọ Òṣogbo. A fẹ́ kí ó wà níbẹ̀." Kò sí wàhálà. Tẹ àwòrán kékeré Smart Object náà lẹ́ẹ̀mejì. Fáìlì mìíràn á ṣí, orúkọ rẹ̀ á parí sí .psb, lẹ́tà rẹ á sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú T rẹ̀. Kọ "Òṣogbo" kún un, tẹ Ctrl+S, pa fáìlì náà dé, kí o padà sí bánà.

Wàá bá "Ọdún Ọ̀ṣun Òṣ", ìyókù ti gé bí ẹni fi àdá gé e.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan sunkún lórí èyí rí, ó rò pé fáìlì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Nígbà tí o sọ lẹ́tà di Smart Object, àpótí náà kò fẹ̀ ju ọ̀rọ̀ tó wà nígbà yẹn lọ. Ọ̀rọ̀ tuntun gùn, àpótí kò gùn sí i, ohun tó yọ sẹ́yìn kò hàn. Tún àpótí ṣí, lọ sí Image > Reveal All, àpótí á fẹ̀ títí gbogbo lẹ́tà á fi hàn. Ctrl+S, kí o pa á dé. Lẹ́yìn náà, wò ó nínú bánà bóyá àkọlé ti sún kúrò ní àárín, nítorí pé àpótí tó fẹ̀ sí i lè mú kí ó sún. Fi Move Tool dá a padà. Ohun kan tí mo máa ń tẹnu mọ́: Ctrl+S ni, kì í ṣe Save As. Ibi ìgbà díẹ̀ kan ni Photoshop gbé fáìlì inú yẹn sí kí o lè tún un ṣe. Bí o bá gbé e lọ sí Desktop, bánà rẹ kò ní rí àtúnṣe náà.

Níwọ̀n bí a ti ń sọ̀rọ̀ àmì, ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, torí pé ìṣòro tiwa gan-an ni. Ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀ǹtì tó rẹwà kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àmì ohùn lé orí ọ tàbí ẹ. Lẹ́tà bíi ọ ní ààyè tirẹ̀ nínú Yùníkóòdù, ṣùgbọ́n ọ̀ tó ní àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè pọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo; ọ ni, tí a wá gbé àmì mìíràn lé lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ọ̀ǹtì kò bá ṣètò ibi tí àmì yẹn máa jókòó, á lọ jókòó sórí lẹ́tà kejì tàbí kó gùn ún láyà. Ohun tí àwa oníṣẹ́ máa ń ṣe ni pé a ó kọ O lásán, a ó wá gbé àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè rẹ̀ sórí léyà mìíràn, a ó fi ọwọ́ tò ó síbi tó yẹ. Ó máa ń dára lójú títí ẹnì kan á fi sún àkọlé náà sókè, tí àmì á dá wà nísàlẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé lọ́jà.

Bí o bá gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, yan léyà lẹ́tà àti gbogbo léyà àmì rẹ̀ pọ̀, kí o sọ gbogbo wọn di Smart Object kan ṣoṣo. Wọn á máa rìn pọ̀, wọn á máa fẹ̀ pọ̀, omi á máa ru wọ́n pọ̀. Bí Màmá bá sì rí i pé àmì kan kò tọ́, wàá ṣí àpótí, wàá bá léyà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Àmọ́ wíwá fọ́ọ̀ǹtì tó mọ Yorùbá kọ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kọ "Ọ̀ṣun, ẹ̀yẹ, ọ́, ẹ́" pẹ̀lú rẹ̀, kí o fẹ̀ ẹ́ tóbi, kí o wò ó dáadáa.

Àpótí onígíláàsì ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí o. Àwọn kan gbọ́ pé Smart Object kì í bàjẹ́, wọ́n wá rò pé a lè fẹ̀ ẹ́ títí lọ. Lẹ́tà tó bá ṣì jẹ́ lẹ́tà ni a lè fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó wà nínú Smart Object tí a ṣe nínú Photoshop, ìwọ̀n àpótí rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà fi ń yà á. Bí o bá wá fẹ àpótí náà ju bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ lọ, etí lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí o ṣe máa mọ̀ nìyí: yan léyà náà, tẹ Ctrl+T, wo W àti H lókè. Smart Object máa ń rántí ìwọ̀n tó ní níbẹ̀rẹ̀, nítorí náà àkọlé tí o fẹ̀ ní ìlọ́po méjì á kọ 200% síbẹ̀, kódà bó jẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni o fẹ̀ ẹ́. Léyà tó jẹ́ píksẹ́lì á kọ 100% ní gbogbo ìgbà, torí pé kò rántí nǹkan kan. Bó bá ti ju 100% lọ fún àkọlé rẹ, ó yẹ kí o ti fẹ lẹ́tà náà tó bó ṣe yẹ kí o tó fi í sínú àpótí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń to gbogbo bánà pẹ̀lú lẹ́tà lásán ná, kí gbogbo ìwọ̀n bá ara mu, kí n tó sọ ohunkóhun di Smart Object.

Fọ́tò ìyálóde ni Smart Object ti wúlò jù, kò sì gba àlàyé púpọ̀. Ká ní fọ́tò náà jẹ́ píksẹ́lì 1200 ní ìbú, 1600 ní gíga. Bó bá jẹ́ léyà lásán, tí o sún un kéré di 300 sí 400 kí o lè wo bí ojú iṣẹ́ á ṣe rí, píksẹ́lì 1,920,000 ti di 120,000. Ìdá mẹ́rìndínlógún ló kù. Bí Màmá bá ní, "Fọ́tò ìyálóde kéré jù, ẹ sọ ọ́ di ńlá," tí o fẹ̀ ẹ́ padà, ojú ìyálóde á ti di kùrukùru. Bó bá jẹ́ pé o kọ́kọ́ sọ ọ́ di Smart Object, gbogbo píksẹ́lì náà ṣì wà nínú àpótí, á padà bó ṣe wá. Ṣùgbọ́n bánà yìí ga tó píksẹ́lì 3456. Bí wọ́n bá fẹ́ kí fọ́tò náà ga dé òkè, kò sí àpótí tó lè mú 1600 di 3456 láìrọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí Document, kì í ṣe bíi fọ́tò, kí WhatsApp má baà sọ ọ́ di kékeré lójú ọ̀nà.

Bánà yìí ní àkọlé kékeré nísàlẹ̀ pẹ̀lú, àdàkọ ti òkè. Bí o bá tẹ Ctrl+J lórí Smart Object, èyí tí o bí àti ìyá rẹ̀ á jọ máa lo àpótí kan náà. Yí ọ̀rọ̀ padà nínú ọ̀kan, èkejì á yí. Ohun tí a fẹ́ nìyẹn fún àkọlé méjì tó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn, Layer > Smart Objects > New Smart Object via Copy ni kí o lò. Èyí á ní àpótí tirẹ̀. Mo ti rí bánà tí wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù sí ibi àkọlé nítorí pé ẹni tó ṣe é kò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Ṣé a kò wá ní lo Rasterize rárá? A máa lò ó, fún iṣẹ́ tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ fara kan píksẹ́lì. Bí o bá fẹ́ fi Smudge Tool fa etí lẹ́tà kí ó dà bí aró tó ń ṣàn sílẹ̀, lẹ́tà kò ní gbà, Smart Object náà á ní kò ṣeé fọwọ́ kàn. Píksẹ́lì nìkan ló ń gbà á. Kí o tó ṣe é, tẹ Ctrl+J kí lẹ́tà náà di méjì, pa àmì ojú tó wà níwájú ti ìsàlẹ̀ dé kí ó má hàn, kí o wá sọ ti òkè di píksẹ́lì nípasẹ̀ Layer > Rasterize > Type. Bí wọ́n bá yí ọ̀rọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á ṣòfò, n kò ní purọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀ǹtì, ìwọ̀n àti ibi tí lẹ́tà jókòó sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń fi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ìparí, lẹ́yìn tí Màmá bá ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó sì ti ní ó dára. Ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò lágbára náà ní ìdí láti máa lo Rasterize níwọ̀n, torí pé Smart Object kọ̀ọ̀kan ń gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ rìn, fáìlì á sì wúwo. Fọ́tò ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kàn mọ́ ni kí o kọ́kọ́ sọ di píksẹ́lì, kì í ṣe lẹ́tà.

Ibi kejì ni ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń tẹ bánà. Bí fọ́ọ̀ǹtì rẹ kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà wọn ní Ọlá-Ìyá, àmì ìkìlọ̀ á yọ lórí léyà lẹ́tà, bí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn án, fọ́ọ̀ǹtì mìíràn á rọ́pò rẹ̀, àmì ohùn rẹ á sì tú ká. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe máa ń sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá wa rasitaráìsì ẹ̀." Wọ́n jàre, ṣùgbọ́n àdàkọ ni kí ó bá wọn, kì í ṣe fáìlì tìrẹ. Tọ́jú fáìlì PSD rẹ pẹ̀lú gbogbo léyà rẹ̀, lẹ́yìn náà lọ sí File > Save a Copy, kí o yan TIFF, yọ àmì tó wà níwájú Layers, kí o sì fi ìyẹn ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní dandan àwọn fẹ́ PSD, ṣe àdàkọ PSD náà, kí o lo Type > Convert to Shape fún àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ dípò Rasterize. Wọn kò ní jẹ́ lẹ́tà tí a lè tún kọ mọ́, ṣùgbọ́n etí wọn á ṣì mú geere bí ẹlẹ́rọ bá fẹ̀ wọ́n, kò sì ní béèrè fọ́ọ̀ǹtì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ tí a fẹ́ gbé bánà ti ọdún tó kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ, ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, Màmá akọ̀wé pè. Aago mẹ́wàá ti di aago mọ́kànlá. Ọmọ iṣẹ́ mi kò dìde lórí àga. Ó tẹ T, ó yí ọ̀rọ̀ kan, ó ṣe àdàkọ TIFF tuntun, ó dárúkọ rẹ̀ "banaOsun_eleero_3", ó sì dá Màmá lóhùn lórí fóònù pé, "Ó ti bọ́ sí i, mà."